Ìdá 32 ni wọ́n kọ sínú ìwé

Oníṣòwò aṣọ kan ní ọjà Gbági tuntun n'Íbàdàn gba ọ́fádíráàfùtì mílíọ̀nù méjì náírà lọ́wọ́ báńkì rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí sọ pé ìdá 32 nínú 100 ni owó èlé rẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí ọdún parí, tí wọ́n kó gbogbo ohun tí báńkì gbà lórí gbèsè náà jọ, tí wọ́n sì fi wé iye owó tó lò ní tòótọ́, ohun tó san lé ní ìdá 46. Àpẹẹrẹ ni oníṣòwò yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ẹgbẹlẹmùkù èèyàn tó ní àkáǹtì kárẹ́ǹtì ní Nàìjíríà, ojú ìwé síténmẹ́ǹtì wọn sì ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń mú kó fara pamọ́ ni pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde. Èèyàn fi ₦80,000 ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ l'Ékòó, àlẹ́ẹ̀tì dé, ó rí i pé owó ti lọ, ó gbé fóònù sílẹ̀. ₦50 tí báńkì gbà lórí ìfiránṣẹ́ náà wà lórí ìlà kejì, owó orí VAT tó jẹ́ ₦3.75 sì lè wà lórí ìlà kẹta. Kò sẹ́ni tí ₦53.75 máa ń dùn. Owó èlé ní tirẹ̀ kì í wọlé títí oṣù á fi parí, nígbà tó bá sì wọlé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, láìsí àlàyé bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo ìwé lóṣooṣù á ri, á mí kanlẹ̀, á sì kọjá. Odidi ọdún kan tí a tẹ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń jẹ́ kí ọ̀nà tí owó ń gbà jáde hàn.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí oníbàárà béèrè síténmẹ́ǹtì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, kó má ṣe gba ti oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kó sọ pé òun fẹ́ èyí tó ṣeé ṣí nínú Excel, nítorí PDF lásán kò ṣeé tò. Kó tún wo àwọn òpó tó wà nínú rẹ̀: TRANS DATE, VALUE DATE, NARRATION, DEBIT, CREDIT, BALANCE. Bí VALUE DATE kò bá sí níbẹ̀, kó dá ìwé náà padà, kó béèrè èyí tó ní in, torí ìdí tó máa hàn níwájú. Kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kó mú owó tó wà nínú àkáǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kó ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀ mọ́ ọn, kó yọ gbogbo owó tó jáde kúrò. Ohun tó kù gbọ́dọ̀ bá owó ìparí ọdún mu dé kọ́bọ̀. Bí kò bá bá a mu, ojú ìwé kan ti sọnù, iṣẹ́ tó kù kò sì ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tún ìwé náà tò. Ọjọ́ ni báńkì fi ń to síténmẹ́ǹtì. Kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fi NARRATION tò ó, kí gbogbo ìlà tó bá jọra lè kóra jọ síbì kan: gbogbo SMS, gbogbo CAMF, gbogbo EMTL, gbogbo VAT, gbogbo ìlà tó bá ní INT tàbí FEE nínú. Lórí kọ̀ǹpútà, ìlà kan tó láti ro iye tí SMS gbà lọ́dún, bí NARRATION bá wà ní òpó C, tí DEBIT sì wà ní òpó D:

```
=SUMIF(C2:C1500,"*SMS*",D2:D1500)
```

Kí ó yí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àmì náà padà sí CAMF tàbí EMTL, iye tiwọn náà á jáde. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é pẹ̀lú ìwé eléèékúrò àti bírò aláwọ̀ mẹ́rin. Á pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n á fi wọn àwọn owó yìí wà nílẹ̀. CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí iye tí báńkì lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2020. Owó ìfiránṣẹ́ lórí fóònù tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦10 fún ohun tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 bí kò bá ju ₦50,000 lọ, àti ₦50 fún ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. VAT ìdá 7.5 nínú 100 ló máa ń gun orí wọn, èyí ló sọ wọ́n di ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75. Ìlà ìfiránṣẹ́ tí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí yẹ kí wọ́n fàlà sí lábẹ́. EMTL jẹ́ ₦50 tí ìjọba ń gbà lórí ₦10,000 sókè. Ẹni tó gba owó ló san án ní 2025. Láti oṣù Kìíní 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án, ibi tí wọ́n á ti wá a nínú síténmẹ́ǹtì ọdún tuntun yóò sì yàtọ̀. Àlẹ́ẹ̀tì SMS ti kúrò ní ₦4 sí ₦6 ní oṣù Karùn-ún 2025, nítorí náà ìwé ọdún yẹn ní iye méjì fún ohun kan náà, kì í sì í ṣe àṣìṣe.

Ibi méjì wà tí owó kékeré ti máa ń jó dànù níbí. Èkíní ni ìfiránṣẹ́ tó kùnà. Báńkì á dá ₦80,000 padà, ìlà REVERSAL á hàn gbangba, ọkàn oníbàárà á balẹ̀. ₦53.75 ńkọ́? Bí kò bá tẹ̀ lé owó náà padà, ó ti lọ fún iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Kí wọ́n wá gbogbo REVERSAL nínú ọdún, kí wọ́n sì wò ó bóyá owó iṣẹ́ àti VAT rẹ̀ wà nítòsí. Ìkejì ni owó ìtọ́jú káàdì. Lórí àkáǹtì séfíǹsì, ₦50 ni ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Lórí àkáǹtì kárẹ́ǹtì, ìtọ́sọ́nà náà ti fagi lé e. Bó bá ṣì ń jáde lórí kárẹ́ǹtì, kí wọ́n béèrè rẹ̀ padà.

Èyí tó yẹ kí oníṣòwò fara balẹ̀ wò jù ni CAMF, owó ìtọ́jú àkáǹtì kárẹ́ǹtì. Àwọn àgbà ọjà rántí COT. Kó tó di 2013, ó tó ₦5 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó bá jáde. CBN wá ń gé e kù lọ́dọọdún: ₦3 ní 2013, ₦2 ní 2014, ₦1 ní 2015, kó sì parí pátápátá ní 2016. Ọdún 2016 yìí kan náà ni CAMF wọlé, ₦1 lórí ₦1,000. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo owó tó jáde ni wọ́n lè fi ṣírò rẹ̀. Owó tí oníbàárà fúnra rẹ̀ san fún ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tó fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ara rẹ̀ ní báńkì mìíràn. Owó tó gbé láti kárẹ́ǹtì sí séfíǹsì tirẹ̀ nínú báńkì kan náà kò sí nínú rẹ̀. Owó èlé àti owó iṣẹ́ tí báńkì fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kò sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ wo oṣù Kẹta ti aláṣọ Gbági yìí. Gbogbo owó tó jáde lóṣù náà jẹ́ ₦4,860,000. Nínú rẹ̀, ó san ₦4,200,000 fún àwọn tó ń kó aṣọ fún un, ó gbé ₦600,000 sí séfíǹsì rẹ̀ nínú báńkì kan náà, báńkì sì yọ ₦60,000 fún owó èlé àti owó iṣẹ́. ₦4,200 ló yẹ kí CAMF jẹ́, kí VAT ₦315 gùn ún, kó di ₦4,515. Ohun tó wà nínú síténmẹ́ǹtì ni ₦4,860 pẹ̀lú VAT ₦364.50, àpapọ̀ ₦5,224.50. Ẹ̀rọ báńkì ti ro gbogbo òpó DEBIT pọ̀ láì yọ ohun tó yẹ kúrò. ₦709.50 ni àlékún oṣù kan. Tí oṣù méjìlá bá rí bẹ́ẹ̀, ₦8,514 ni. Ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n: bí CAMF bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gbogbo owó tó jáde lóṣù, láìsí ìyàtọ̀ kankan, tí oníbàárà sì mọ̀ pé òun gbé owó sí séfíǹsì òun, ìṣirò náà kò pé.

Ọ́fádíráàfùtì ló wá kàn. Ìyọ̀ǹda ni láti yọ owó kọjá ohun tó wà nílẹ̀, títí dé òpin tí wọ́n fi àdéhùn dá. Iye tí èèyàn jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣírò owó èlé, lẹ́yìn náà wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jọ ní ìparí oṣù. Oníbàárà lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lásán ló wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà 2025, obìnrin yìí jẹ ₦1,200,000 fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 11 ó san owó ẹrù, gbèsè gòkè sí ₦1,900,000, ó sì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́rú, ọjọ́ 18, ó fi ṣẹ́ẹ̀kì ₦1,200,000 tí iléèwé kan fi san owó aṣọ iléèwé sílẹ̀ ní báńkì. Ṣẹ́ẹ̀kì náà wọlé lọ́jọ́ 19, gbèsè lọ sílẹ̀ sí ₦700,000 fún ọjọ́ mẹ́fà. Láti ọjọ́ 25, ọjà tà, kò jẹ gbèsè mọ́ títí oṣù fi parí. Kí wọ́n wá fi iye ọjọ́ sọ gbèsè kọ̀ọ̀kan di púpọ̀: mílíọ̀nù 12, mílíọ̀nù 15.2, mílíọ̀nù 4.2. Àpapọ̀ wọn jẹ́ mílíọ̀nù 31.4. Ìdá 32 nínú 100 rẹ̀, tí wọ́n bá pín in sí ọjọ́ 365, jẹ́ ₦27,528.77. Ẹni tó bá ti kọ gbèsè ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí òpó E, tó fi òdo sí ọjọ́ tí kò jẹ gbèsè, á rí iye kan náà pẹ̀lú ìlà yìí:

```
=SUM(E2:E31)*0.32/365
```

Ṣùgbọ́n ₦31,736.99 ni báńkì yọ. Níbo ni ₦4,208.22 ti wá?

VALUE DATE ló máa dáhùn. Ọjọ́ méjì ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú síténmẹ́ǹtì. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìkejì ni ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ owó lójú báńkì, òun sì ni wọ́n fi ń ṣírò owó èlé. Ìlà ṣẹ́ẹ̀kì náà gbé ọjọ́ 19 sí TRANS DATE, BALANCE sì ti fi hàn pé gbèsè ti dín kù lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 23 ló wà ní VALUE DATE. Fún ọjọ́ mẹ́rin, láti Ọjọ́bọ títí di Sunday, báńkì ṣì ń gba èlé lórí ₦1,900,000. ₦1,200,000 fún ọjọ́ mẹ́rin, ní ìdá 32 lọ́dún, ₦4,208.22 géérégé ni. Nàìjíríà ti wà lórí ètò tí ṣẹ́ẹ̀kì fi ń di owó lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì sí ọjọ́ tí báńkì gbé e lọ fún ìyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ pé obìnrin náà fi ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí tí báńkì máa ń dí i, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 20, ni kó jẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 23, nílò àlàyé. Ìdí rèé tí tẹ́là tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí fi ṣe pàtàkì, nítorí wákàtí àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó ń wo BALANCE nìkan kò lè rí èyí láéláé. Kó wá gbogbo ìlà owó tó wọlé nínú ọdún, kó wo èyí tí ọjọ́ méjèèjì kò ti bára mu. Àwọn tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àkáǹtì wà nínú gbèsè nìkan ló ń náni lówó.

Bí ìṣirò bá fi ìwọ̀nba kékeré yàtọ̀, bí ₦382 lórí oṣù Kẹfà yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 360 ni báńkì fi pín in dípò 365. Kí wọ́n yẹ ìwé àdéhùn wò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Síbẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe ló gbé ìdá 32 dé 46. Owó ìṣàkóso ni, èyí tó máa ń hàn bíi MGT FEE. CBN fi ìdá kan nínú 100 ṣe òkè rẹ̀, ó sì sọ pé ó ṣeé dúnàádúrà. Òpin ọ́fádíráàfùtì ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn lò. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù méjì jẹ́ ₦20,000, VAT sì sọ ọ́ di ₦21,500. Ní ti aláṣọ Gbági, tí wọ́n bá kó gbèsè gbogbo ọjọ́ inú ọdún jọ, títí kan ọjọ́ tí kò jẹ kọ́bọ̀, tí wọ́n sì pín in sí 365, ₦600,000 ló ń jẹ lójúmọ́. Owó èlé rẹ̀ fún ọdún, láìka àṣìṣe, jẹ́ ₦192,000, ìdá 32 gan-an. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ló san owó ìṣàkóso, àpapọ̀ á di ₦213,500, ìyẹn bí ìdá 35.6. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 90 ni ìwé àdéhùn rẹ̀ ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fún un láàárín ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ₦21,500 sì jáde: ₦86,000. Ro ó mọ́ ₦192,000, ₦278,000 ni. Lórí ₦600,000, ìdá 46.3.

Báyìí ni ìdùnàádúrà ṣe lè yí padà nígbà tí ìwé tuntun bá dé. Oníṣòwò tó bá bẹ báńkì pé kí wọ́n dín ìdá 32 kù sí 30 á jèrè ₦12,000 lọ́dún lórí ₦600,000 rẹ̀. Èyí tó bá sọ pé kí àdéhùn jẹ́ ọdún kan, kí owó ìṣàkóso sì jáde lẹ́ẹ̀kan, á jèrè ₦64,500. Bó bá tún wo ọdún tó kọjá, tó rí i pé gbèsè òun kò kọjá ₦1,900,000 rí, tó sì jẹ́ pé oṣù Kẹfà nìkan ló débẹ̀, kò sí ìdí tó fi yẹ kó gba òpin mílíọ̀nù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ báńkì ń fi lọ̀ ọ́.

Àárín ìparí ọjọ́ 90 kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn náà léwu. Bí ìwé tuntun bá pẹ́ jáde, tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀, báńkì lè kà á sí gbèsè tí kò ní àṣẹ, kó sì gbé owó èlé gòkè bí àdéhùn bá gbà á láyè. Kí wọ́n to ọjọ́ ìparí kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, kí wọ́n sì ṣírò owó èlé ọ̀sẹ̀ tó yí i ká lọ́tọ̀. Bákan náà ni èlé máa ń gun èlé: ohun tí báńkì yọ ní ìparí oṣù Kẹfà, bí kò bá sí owó nílẹ̀ láti san án, á di ara gbèsè oṣù Keje.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, lẹ́tà kan ló kù. Kí ó kúrú. Kí ó ní ìlà mẹ́rin fún ohun kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tó wà lórí síténmẹ́ǹtì, NARRATION bí báńkì ṣe kọ ọ́, iye tí wọ́n yọ, iye tó yẹ. Lẹ́tà tó sọ pé "ẹ ti ń gé owó mi jù" á gba ìdáhùn gbogbogbòò. Èyí tó bá sọ pé VALUE DATE ṣẹ́ẹ̀kì ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà jẹ́ ọjọ́ 23 dípò ọjọ́ 19, tó so tẹ́là mọ́ ọn, kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n so ìwé àdéhùn náà mọ́ ọn pẹ̀lú. Báńkì gbọ́dọ̀ fún ẹ̀sùn náà ní nọ́ńbà ìtọpinpin, kí oníbàárà má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, kó fi lẹ́tà kan náà àti nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN, ní cpd@cbn.gov.ng.

Àwọn owó kan kò ní padà, kò sì yẹ kí wọ́n fi wọ́n kún lẹ́tà: EMTL tó jáde bó ṣe yẹ, VAT lórí owó iṣẹ́ tó tọ́, àti owó ìṣàkóso tí ìwé àdéhùn tí oníbàárà fọwọ́ sí gbà láyè. Bí wọ́n bá pọ̀ jù nínú lẹ́tà, wọ́n á jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń kà á rí ohun tó lè kọ̀, á sì fi èyí ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tí owó bá padà, kí wọ́n yẹ ohun mẹ́ta wò lórí ìlà rẹ̀. Ṣé VAT tẹ̀ lé CAMF padà, tàbí ₦660 ni wọ́n dá padà dípò ₦709.50 fún oṣù Kẹta? Ṣé VALUE DATE owó tó padà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ ní àìtọ́, tàbí ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà? Bó bá jẹ́ ìkejì, tí àkáǹtì sì wà nínú gbèsè láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ₦4,208.22 yẹn ti ń bí èlé tirẹ̀ láti ìparí oṣù Kẹfà, iye yẹn náà sì wà lára ohun tí wọ́n jẹ oníbàárà.